Kí Igi Òkè Ilé Yín Tó Ru Páànù

Iléṣà la wà. Ilé yàrá mẹ́ta yìí gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10, ògiri ti parí. Ìyá tó ni ín bi mí pé, "Bùọ̀dá, páànù wo ni kí n rà?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹrù tí igi òkè máa rù.

Tí òrùlé bá yọ 60 sẹ̀ntímítà síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì dà ní dígírì 25, á tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 163. Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn ní 0.55 mìlímítà wúwo tó kílò kan àbọ̀ ní mítà onígun mẹ́rin kan. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílò 245 lọ. Páànù olókùúta á lé ní kílò 1,000. Páànù oníṣìmẹ́ńtì àtijọ́ á tó 2,000. Ẹ rí i pé owó páànù nìkan kọ́ lẹ máa san: bí ẹrù bá ti pọ̀ sí i, igi náà gbọ́dọ̀ nípọn sí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí alumíníọ̀mù díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Irin tí wọ́n kùn dáadáa jọ alumíníọ̀mù lójú. Ẹ mú òòfà lọ sọ́jà: tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ wọn etí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó sanwó 0.55 tí wọ́n fún ní 0.45 kò ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ káfíńtà fi máa tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ariwo òjò ni àbùkù rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti sùn lábẹ́ rẹ̀ lóṣù keje, ẹ kúkú mọ̀.

Páànù olókùúta máa ń dín ariwo yẹn kù. Irin ni inú rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n bá gé e, irin yọ síta nìyẹn. Tí wọn ò bá kùn ún, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ti bẹ̀rẹ̀. Tí igun òrùlé bá pọ̀, gígé náà á pọ̀.

Oníṣìmẹ́ńtì? Mi ò ní fi bo ilé tuntun. Tí ilé bàbá yín bá ṣì ní ti àtijọ́, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má sì fọ́ ọ. Púpọ̀ nínú wọn ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú, ẹ tú u lódidi.

Ìyá wa mú alumíníọ̀mù 0.55. Owó tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ra igi gidi.