Èènì ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ fi ẹ̀dínwó sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ọjà ọdún

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbọ̀ngán kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ. Mo ti yọ ibi tí iná ti lọ kúrò níbẹ̀. Mo fi àwàdà sílẹ̀, torí wọ́n ní bí mo bá yọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbà pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin bàbálọ́jà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjà ọdún Kérésì: bí a ṣe ń rà á sílẹ̀, bí a ṣe ń dín owó rẹ̀, àti bí owó ò ṣe ní tán lọ́wọ́ wa kí ọjà tó yá. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí mọ ibi tí màá pẹ́ sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rojú.

Gáùn ọmọdé la máa fi ṣe é, torí òun ni mo tà ní Ògùnpa fún ọdún mọ́kànlá kí orúnkún mi tó kọ̀ fún mi. Ká ní ẹ ra gáùn kan ní Balógun, l'Ékòó. Ẹ san owó alábàárù, ẹ san owó mọ́tò, ó wá dúró sí 8,000 náírà délé. 10,000 lẹ̀ ń tà á. Èrè yín jẹ́ 2,000. Bẹ́ ẹ bá ta dọ́sìnnì mẹ́wàá, ìyẹn 120 gáùn, èrè yín á jẹ́ 240,000 náírà.

Oṣù kọkànlá wá dé. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe kọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ fún yín pé Jímọ̀ dúdú ti dé, ẹ dín owó kù, ọjà á yá. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ yọ 1,000 kúrò lórí gáùn kọ̀ọ̀kan. Lójú oníbàárà, ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ yọ, nǹkan kékeré. Lójú èrè yín, ìdajì ló lọ. Kẹ́ ẹ tó lè rí 240,000 yẹn báyìí, 240 gáùn lẹ gbọ́dọ̀ tà dípò 120. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dín owó kù ò sọ ibi tí 120 tó kù yẹn á ti wá. Owó ọjà yín á kúrò ní 960,000, á di 1,920,000. Ta ló fẹ́ yá yín? Oní-sogúndogójì kúkú wà. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa: ogún ló yá yín, ogójì lẹ máa san. Kò fi ohunkóhun pamọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ò sì tíì parí. Níbi tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í dúnàádúrà, bóyá ẹ̀dínwó á dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ìbàdàn la wà. Bẹ́ ẹ bá kọ 9,000 sára pátákó, oníbàárà yín ò mọ̀ pé ẹ ti dín in. Iye tẹ́ ẹ pè ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lójú tiẹ̀. Á ní, “Ìyá, ẹ gba 8,500.” Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti dín owó yẹn. Tó bá wá padà dé lọ́dún tó ń bọ̀, 8,500 ló máa rántí. (Alhaja kan ní ìjókòó kejì mi orí níbí, mo sì mọ̀ pé pátákó tirẹ̀ wà nílé.)

Kí ni mo wá ní kẹ́ ẹ ṣe? Ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ni: èènì. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ funfun ní dọ́sìnnì dọ́sìnnì. Tí dọ́sìnnì bá jẹ́ 3,000, ẹyọ kan jẹ́ 250. Ẹni tó ń rà á lẹ́yọ lẹ́yọ lè san 500. Ẹ fi í lé gáùn lórí ní 10,000, ẹ má dín kọ́bọ̀. Ohun tó tó 500 ló wọ ọwọ́ oníbàárà, 250 ló jáde lápò yín. Èrè yín di 1,750. Kẹ́ ẹ tó rí 240,000 yẹn, 138 gáùn péré lẹ máa tà. Ìyẹn fi méjìdínlógún lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dínwó fẹ́ kẹ́ ẹ fi 120 lé e. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan sì ń pè mí ní Ìyá Èènì ní Ògùnpa. Mo gbà.

Kí n tún sọ èyí: ẹ má jẹ́ kí èènì yín jẹ́ ohun tí ẹ̀yin náà ń tà lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ta ìbọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ sì tún ń fi ṣe èènì, kò sẹ́ni tó máa ra ìbọ̀sẹ̀ yín mọ́. Ẹ má sì fi ohun tó ti bàjẹ́ ṣe èènì. Gáùn yín ni wọ́n máa sọ pé kò dára.

Àwọn onírẹsì ní Bódìjà ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀. Èrè orí ìrẹsì tín-ín-rín ju ti gáùn lọ, èènì tiyín sì ti wà lórí kóńgò tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe tiyín lónìí.

Ó yá, ọjà rírà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí, àkókò sì ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń lọ l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan, lópin oṣù kẹwàá, ká kó gbogbo rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó gun òkè. Ìyá kan tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní 700,000 lọ́wọ́ lọ́dún kan, 960,000 ló sì fẹ́ fi rajà. Ó fẹ́ yá 260,000 ní èlé 10 lórí 100 lóṣù kan. Tó bá di ìparí oṣù kejìlá, èlé oṣù méjì ti di 52,000. Mo ní kó má yá a. Dọ́sìnnì mẹ́fà ló rà lákọ̀ọ́kọ́, 576,000. 124,000 tó kù ló fi jẹun, ló fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ bẹ olórí àjọ rẹ̀ kó fún un ní àkókò oṣù kọkànlá dípò oṣù kejìlá, ó sì rí 200,000 gbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ó ti ta gáùn 34. Ìyẹn mú 340,000 wọlé, tí a kò bá ka owó ìbọ̀sẹ̀. Ó padà lọ l'Ékòó, ó ra dọ́sìnnì mẹ́rin.

Gáùn ti gun òkè lóòótọ́. Ó di 8,500. 500 náírà lórí 48 gáùn, 24,000 ni àdánù yẹn. Kò tó ìdajì èlé tó fẹ́ san. Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé nígbà tó máa fi lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti mọ ìwọ̀n tó ń tán. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ló ń sáré. Ti ọmọ ọdún kan àti ti ọmọ ọdún méjìlá ṣì wà lórí ìlà. Kò sì tún ra wọn. Ká ní ó ti ra gbogbo rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá, àwọn yẹn ni ìbá kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ má lọ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kejìlá o. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó mọ́tò, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó, àti èrò inú Balógun, gbogbo rẹ̀ ló máa jẹ èrè yín.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá kan láti Alẹ́ṣinlóyè nàwọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀ ń sọ ẹ̀dínwó, ẹ̀ ń sọ èènì. Èmi ò dín owó fún ẹnikẹ́ni. Mo ta gbogbo gáùn mi tán. Oṣù kìíní dé, mi ò rí owó ilé ìwé ọmọ mi san. Níbo lèrè mi wà?” Gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́. Mo bi í pé mélòó ló lọ láwìn. Ó ní bí ọgbọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ tó ní àwọn á san tí owó oṣù bá wọlé.

Mo pa ìwé tí mo mú wá dé, torí ìbéèrè yẹn ló tọ́ sí wákàtí tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ó ta 120, èrè orí ìwé jẹ́ 240,000. Gáùn 30 láwìn ní 10,000, ìyẹn 300,000 ló wà níta. Gbogbo èrè rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, 60,000 nínú ojú owó rẹ̀ sì tún bá a lọ. Kò jẹ gbèsè, kò pàdánù, ṣùgbọ́n kò ní owó. Ẹni tó bá ta gáùn 24 láwìn ti fi gbogbo èrè 120 sóde.

Bàbá kan ní ẹ̀yìn kígbe pé, “Ìbàdàn, ibi tí olè ti ń jàre olóhun!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó mọ ohun tó ń sọ: bẹ́ ẹ bá bi ajigbèsè lóṣù kìíní, ìbínú rẹ̀ á ju tiyín lọ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ta àwìn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó lópin oṣù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa. Mo ní kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n sí i kí ọdún tó dé: ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjà yín, gáùn méjìlá péré nínú 120. Kẹ́ ẹ gba ìdajì owó níwájú. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ò ní ìdajì lọ́wọ́ lónìí, ẹ bá a ka gáùn náà sílẹ̀, kó máa san díẹ̀ díẹ̀ láti oṣù kẹwàá, kó wá gbé e lọ́jọ́ tó bá san tán. Èyí dára fún yín ju àwìn lọ: owó rẹ̀ ń wọlé kí ọdún tó dé, òun lẹ sì máa fi lọ l'Ékòó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo lè fún ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó tó ń mú owó wá ní oṣù kẹwàá yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ èrè ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá.

Ẹni tó ni gbọ̀ngán ti ń wo aago, àwọn tó fẹ́ ṣe ìkómọ ti ń kó àga wọlé. Kí n sáré sọ ti ọjà tó bá kù. Ẹ má gbé e sí gbàǹjo lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá. Ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní 2025, òpin oṣù kẹta ló bọ́ sí, ó sì ń súnmọ́ Kérésì díẹ̀ díẹ̀. Gáùn tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ dúró de ìgbà yẹn. Èyí tó bá dọ̀tí tàbí tí bọ́tìnnì rẹ̀ já nìkan ni kẹ́ ẹ gbé sí gbàǹjo.

Ìyá Alẹ́ṣinlóyè tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí lòun máa ṣe sí ọgbọ̀n tó wà níta báyìí. Mo ní kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní títò, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lókè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn láti òkè wá. Kó sì mú ìbọ̀sẹ̀ dání.