Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin òbí: máàkì ẹ̀kọ́ ìdárayá

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ilé o. Lẹ́tà tí mo fi sínú báàgì àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò tíì rí i. Òmíràn ṣì wà nísàlẹ̀ báàgì, ọbẹ̀ ti dà sí i. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kúkú fẹnu sọ ọ́.

Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni: “Tísà, ọmọ mi ò mọ eré sá. Ṣé ẹ fẹ́ kó féèlì torí eré ni?” Háà! Ibi tí ẹ ti ń ṣì mí gbọ́ nìyẹn. MI Ò FÚN ẸNÌKAN NÍ MÁÀKÌ TORÍ PÉ Ó YÁRA. Ẹ gbọ́ o, mi ò fún ẹnìkan!

Nílé ìwé wa, 60 ni ti ìdánwò orí ìwé, 40 ni ti pápá. Nínú 40 yẹn, 20 jẹ́ ti wíwọ aṣọ eré àti bíbá ẹgbẹ́ ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. 20 tó kù jẹ́ ti ohun tí mo kọ́ wọn. Fífò láti ojú kan ni ti táàmù yìí. Mo máa wò ó bóyá ọmọ tẹ orúnkún kó tó fò, bóyá ó fi apá méjèèjì ju ara rẹ̀ síwájú, bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ pọ̀, bóyá ó tún tẹ orúnkún nígbà tó balẹ̀. Máàkì márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe fò jìnnà tó ńkọ́? Mi ò tiẹ̀ mú tépù dání.

Ká ní ọmọ kan gba 52 lórí ìwé, tó wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí táàmù fi parí. 52 náà ló máa gbé relé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rìn bí ìgbín gba 40 lórí ìwé, 34 ní pápá: 74!

Mímọ nǹkan lẹ́nu yàtọ̀ sí ṣíṣe é. Èmi fúnra mi, mo lè fẹnu ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gúnyán dáadáa. Ọjọ́ tí mo wá di ọmọ odó mú, iyán oníkókó ni gbogbo ilé jẹ.

Ó ku ti àìlera. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé dókítà tó kàn sọ pé “kó má ṣe eré” ò tó. Ẹ ní kó kọ OHUN TÍ ỌMỌ LÈ ṢE. Ọmọ tó ní ikọ́ asímà, kí ìnhélà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ní pápá, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa. Á kọ́kọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ kó tó sáré. Bí àyà rẹ̀ bá ti ń súfèé, á dúró, á fà á. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde á máa mumi, á sinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, mi ò ní mú un jáde nínú òjò, mi ò sì ní fi agídí mú un. Ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ á fun fèrè, á ka góòlù, màá sì bi í ní òfin eré gba máàkì.

Ọjọ́rú la máa ń jáde. Kánfáàsì àti ike omi o. Ẹ dé ike náà pa dáadáa, ìwé tó wà nínú báàgì yẹn ti jìyà tó.