Fèrèsé tó funfun báláú: bí a ṣe ń dá ìta padà sínú fọ́tò páálọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo fọ́tò yìí dáadáa. Páálọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìtòkò, níbí ní Abẹ́òkúta, ni. Àga dùn ún wò, táìsì ń dán, ṣùgbọ́n fèrèsé funfun báláú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró sẹ́nu fèrèsé yẹn, òkúta Olúmọ ló ń wò, àti àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà.

Ẹ ṣí i nínú Photoshop, ẹ gbé máòsì lé fèrèsé náà, kí ẹ wo Info. R 255, G 255, B 255. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè fà yọ. Tó bá jẹ́ 240 lẹ rí, tí fọ́tò yín sì jẹ́ RAW, ẹ kọ́kọ́ fa Highlights wálẹ̀, ìta lè jáde fúnra rẹ̀. Tiwa ti lọ pátápátá. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ní aago kan náà, mo sì ya ìta láti ojú fèrèsé. Ibi tí mo gbé kámẹ́rà ga dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni mo gbé e dé. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ gbé fọ́tò ìta lé orí ti páálọ̀. Ní báyìí, irin bọ́gúlárì ń kọ́! Ọ̀pọ̀ yín á mú Lasso, ẹ ó máa gé irin lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yí léyà ìta sí Multiply.

Ẹ rí i? Irin dúró síbẹ̀, ìta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń pa aró ní ilé ìyá ìyá mi ní Ìtòkú, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ẹ ri aṣọ funfun bọ aró, ó gba àwọ̀ aró gan-an. Ẹ ri aṣọ dúdú bọ ọ́, dúdú náà ni. Multiply kò yàtọ̀: funfun gba ìta, irin dúdú dúró ní dúdú. Kódà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ létí, tó di eérú, ó gba díẹ̀díẹ̀, ó sì rọ̀ lójú.

Ṣùgbọ́n aró kì í mọ aṣọ tí kò yẹ kó pa. Kọ́tìnnì funfun, fírémù àlùmíníọ̀mù, ògiri: gbogbo rẹ̀ ló máa kùn. Ní Ìtòkú, ibi tí wọn kò bá fẹ́ kí aró dé, wọ́n á fi ẹ̀kọ ya á. Ẹ̀kọ tiwa ni máàsìkì: ẹ fi dúdú kun orí kọ́tìnnì, fírémù àti ògiri nínú máàsìkì léyà ìta, ìta kò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Ẹ dúró níbi tí mo ń lọ yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ń ṣìnà! Ẹ ń fi ìta sílẹ̀ bó ṣe wà, aláwọ̀ ewé tó ki, òkúta dúdú kirikiri, bíi kàlẹ́ńdà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́sàn-án, ÌTA MÁA Ń MỌ́LẸ̀ JU INÚ ILÉ LỌ. Mo tún un sọ: ÌTA MÁA Ń MỌ́LẸ̀ JU INÚ ILÉ LỌ! Ẹ fi Curves sí orí ìta. Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ àárín léyà méjèèjì, kó má bàa mọ́lẹ̀ dé ara àga. Ẹ wá gbé ìdí ìlà náà, lápá òsì, sókè títí Output yóò fi tó 60. Dúdú Olúmọ á di eérú, àwọ̀ ewé á rọ̀. Ojú yín á sọ pé ó ti ṣá jù. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wo gbogbo páálọ̀ lápapọ̀.

Èyí tó kù ni gíga kámẹ́rà tí mo ní kí ẹ dúró dè. Ẹ fa ìlà táìsì ilẹ̀ àti ìlà àjà tó ń lọ síwájú, títí wọn yóò fi pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ojú kámẹ́rà wà, ibẹ̀ náà ni òpin ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ wà. Bí ti fọ́tò ìta bá ga ju ibẹ̀ lọ, ilé á dà bí èyí tó ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbé e wálẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo táìsì nísàlẹ̀ fèrèsé. Funfun ṣì ń dán níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìta, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí táìsì, ẹ fi Gaussian Blur sí i títí òkúta kò fi ní ṣe é dá mọ̀ mọ́, kí Opacity má ju 20 lọ. Ẹ wò ó: díẹ̀ nínú àwọ̀ ewé ìta ti dé orí táìsì.