Òjò Ojúde Ọba kì í ṣe ẹ̀rí
(Àsọyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, ẹni tó bá sì ti gbọ́ mi rí ti mọ̀ ọ́n: ojú ọjọ́ ọjọ́ kan kò lè jẹ́rìí sí ìṣesí ojú ọjọ́ ìlú. Ojú ọjọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lónìí, bóyá oòrùn ń ran ni o, bóyá òjò ṣú ni. Ìṣesí ojú ọjọ́ ni ohun tí a rí nígbà tí a bá kó ojú ọjọ́ 30 ọdún jọ, tí a ṣírò rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé ló fi 30 náà lélẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2020.

Ìyá tó ń wòkè kó tó sá aṣọ láàárọ̀, ojú ọjọ́ ló ń wò. Àgbẹ̀ tí kò jẹ́ gbin àgbàdo ní oṣù Kìíní, bí òjò tilẹ̀ rọ̀ lánàá, ìṣesí ojú ọjọ́ ló ń tẹ̀ lé.

Ibo la ti ń rí 30 ọdún yìí kó jọ? Inú òṣùwọ̀n òjò ni. Agolo ni, ó ní àrọ lórí, ó ní ìgò nínú, gbangba ni wọ́n sì ń gbé e sí. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á da omi inú ìgò sínú gíláàsì tí wọ́n fàlà sí, á kọ iye mìlímítà rẹ̀ sílẹ̀. Mìlímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Bí òjò kò bá rọ̀, á kọ òdo. Ẹ gbọ́ o: kí ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo yàtọ̀ sí kí ó kọ òdo, nítorí a kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ tàbí ẹni náà ló lọ ṣe òkú ní Ṣàgámù. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí igi máńgòrò kan dàgbà bo agolo náà, ìwé á máa fi hàn pé òjò ìlú ń dínkù lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ igi ló ń gba òjò.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọbìnrin kan fi dìde. “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá mi àgbà ní inú ọyẹ́ làwọn ti ṣe Ojúde Ọba nígbà kan, pé òjò ló ń pa wọ́n níbẹ̀ báyìí. Ṣé ojú ọjọ́ kò wá tíì yí padà nìyẹn?”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pa ìwé mi dé, torí ìbéèrè yẹn dùn ju ohun tí mo kọ wá lọ.

Ìyá àgbà kò parọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, oṣù ojú ọ̀run ni a sì fi ń ka Iléyá. Ọdún ti òṣùpá kúrú sí ọdún tiwa ní nǹkan bí ọjọ́ 11, nítorí náà ọdọọdún ni Ojúde Ọba ń tètè dé ju ti èṣí lọ. Ní 2007, oṣù Kejìlá ni Iléyá bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣe Ojúde Ọba. Ní oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹfà, afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun ti lé e jìnnà sí òkè Ọya. Ọdún ló ṣí kúrò nínú ọyẹ́ bọ́ sínú òjò, kì í ṣe ọyẹ́ ló ṣí kúrò ní oṣù Kejìlá. Tó bá fi máa di 2039, Iléyá á tún ti padà sí oṣù Kejìlá, àwọn kan á sì lọ sórí rédíò láti sọ pé ojú ọjọ́ ti bọ̀ sípò!

Ẹni tó bá fẹ́ dá ìyá àgbà lóhùn dáadáa, kó fi oṣù Kẹfà wé oṣù Kẹfà. Kó ro òjò oṣù Kẹfà 30 ọdún pọ̀, kó fi 30 pín in, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún tó ṣáájú, kó wá fi èkíní wé èkejì. Agolo náà sì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà, láìsí igi lórí rẹ̀.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré. Ìṣesí ojú ọjọ́ ń yí padà lóòótọ́: láàárín 2011 sí 2020, ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 1.1 gbóná ju ti 1850 sí 1900 lọ. Ìṣírò irú èyí tí mo sọ yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe òjò ọjọ́ kan. Àwọn tó ń fi àárọ̀ ọyẹ́ kan jiyàn pé ayé kò gbóná, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe láti apá kejì.

Ọmọkùnrin kan ní kí ni kí ẹgbẹ́ bàbá òun, tó jẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, wá ṣe. Mo ní bí ọdún bá bọ́ sí oṣù Kẹfà, kí wọ́n ti ṣètò agboòrùn mọ́ aṣọ ẹgbẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń dáwó, kí wọ́n sì gbọ́ ìkéde NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, kí wọ́n tó pinnu ẹni tí yóò gbé e.