Alhaja Ní Kí Wọ́n Lọ Bá Bọ̀dá, Bọ̀dá Ní Kí Wọ́n Lọ Bá Alhaja

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ gbọ́ ìwé méjì yìí ná, irú èyí tí ímeèlì máa ń fúnra rẹ̀ fi dáhùn bí ẹni tó ni ín ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Èkíní: “Ẹ ǹlẹ́ o, mo ti lọ ọdún. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ bá bọ̀dá tó ń ta ọjà sọ̀rọ̀.”

Èkejì: “N kò sí ní ọ́fíìsì títí ọdún á fi parí. Ẹ bá Alhaja tó ń gba owó sọ̀rọ̀.”

Ọ́fíìsì kan náà ni méjèèjì ti wá. Alhaja ló kọ èkíní, bọ̀dá tó ń ta ọjà ló kọ èkejì. Oníbàárà tó bá kọ̀wé sí Alhaja, wọ́n á tì í sọ́dọ̀ bọ̀dá. Bọ̀dá á tún tì í padà sọ́dọ̀ Alhaja. Àwọn méjèèjì ti wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, wọ́n ti wà ní Ojúde Ọba, ímeèlì wọn ló ń bá ara wọn ju oníbàárà bíi bọ́ọ̀lù.

Oúnjẹ adìẹ ni à ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé-ìkẹ́rù wa sì wà ní Ṣágámù. Adìẹ ò mọ ọdún. Ẹni tó ní adìẹ ẹlẹ́yin 500, wọ́n á jẹ tó àpò oníkílò 25 méjì àti díẹ̀ lójúmọ́. Bí àpò bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìléyá, tó kọ̀wé sí wa, ìdáhùn tí kọ̀ǹpútà bá fi ránṣẹ́ lórúkọ wa ni gbogbo ohun tó máa rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ṣáájú Ìléyá ọdún 2025, tí mo sọ wọ́n di ẹyọ mélòó kan. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín.

[Àwòrán: ìwé mẹ́fà lórí tábìlì, pẹ́ńsù pupa kan]

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí n mú èyí tó dùn jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n ní kí gbogbo wọn lò ó. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn jù ni ti ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú ọ́fíìsì. Àdúrà wà níbẹ̀, òwe wà níbẹ̀, ìlà méjìdínlógún ni. Nọ́ńbà tí èèyàn lè pè wà ní ìlà kẹtàdínlógún.

Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì fi pẹ́ńsù pupa fàlà sábẹ́ ohun mẹ́rin péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti ọjọ́ wo, di ọjọ́ wo, ta ló ń dípò, báwo ni wọ́n ṣe lè rí i. Gbólóhùn tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, mo fi í sílẹ̀ láìfàlà. Nígbà tí mo parí, ti Alhaja ní ìlà pupa kan. Ti ọ̀gá wa pátápátá ní mẹ́rin pé pérépéré, àmọ́ ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ ni 19 oṣù kẹfà. Ọjọ́ tá a wọlé lẹ́yìn Ìléyá ọdún 2024 ni. Kì í ṣe pé ọ̀gá kọ ọ́ báyìí o. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ lésìí kì í kúrò nínú àpótí ìdáhùn yẹn. Bí o bá tún ṣí i láìkà á, ti èṣí náà ló máa jáde.

Lẹ́yìn náà mo mú bébà funfun kan, mo kọ ipò ẹni kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, mo wá ya ọfà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n lọ bá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí Alhaja àti bọ̀dá tí ọfà wọn kọjú síra wọn. Mo tún rí i pé ọfà mẹ́ta ló forí lé ọmọbìnrin iwájú ọ́fíìsì, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun náà ti gbàyè láti lọ sílé.

Bí ẹ bá ya ọfà tiyín, ohun méjì ni kí ẹ wò. Ọfà tó yí padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ì báà gba ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta kó tó padà, ìyẹn ò dára. Ọfà tó wọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun náà ò ní sí lẹ́nu iṣẹ́, ó burú ju èkíní lọ, torí ojú lásán kì í tètè rí i. Ohun tá a ṣe ni pé a pa gbogbo ọfà pọ̀ sórí fóònù ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kàn ló ń gbé e. Lọ́dún yẹn, olùtọ́jú ilé-ìkẹ́rù ló gbé e. Ará Rẹ́mọ ni, kò ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kankan tó ń dúró dè é n’Íjẹ̀bú-Òde, a sì san owó ọjọ́ ọdún fún un.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ti olùtọ́jú ilé-ìkẹ́rù yìí. Ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ nìyí: “Mo wà nílé àna mi n’Íkẹ́nnẹ́, kò sẹ́nì kankan ní ilé-ìkẹ́rù títí di Ìṣẹ́gun.” Ẹ̀yin náà ẹ tún un gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ímeèlì kan ránṣẹ́ láti ibikíbi láyé ló máa gba ìwé yẹn, olè náà lè kọ̀wé. Ti Alhaja náà léwu bẹ́ẹ̀. Bí gbájú-ẹ̀ bá mọ̀ pé ẹni tó ń sanwó ti lọ, tó sì mọ orúkọ ẹni tó dípò rẹ̀, ó ti ní ohun tó fi máa kọ̀wé pé “Alhaja ló ní kí ẹ tètè sanwó yìí.” Nínú Outlook, àpótí méjì ló wà, ọ̀kan fún àwọn ará ọ́fíìsì, ọ̀kan fún ará ìta, o lè sọ ọ̀rọ̀ ilé sínú ti ilé. Gmail tá à ń lò, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dá lóhùn. Nítorí náà, a kọ tiwa bí ẹni ń kọ̀wé sí àjèjì. Ibi tí èèyàn lọ, ìdí tó fi lọ, àìsàn, ìrìn àjò Mẹ́kà, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀.

[Àwòrán: ìwé tuntun náà]

Èyí ni ti ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì bá tì. Ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló lò ó, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ kún un:

“Ẹ kú ọdún o. Ọ́fíìsì wa wà ní títì láti ọjọ́ Ẹtì 6 títí di ọjọ́ Ajé 9 oṣù kẹfà, 2025. A ó ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun 10. Bí oúnjẹ adìẹ yín bá fẹ́ tán kó tó dìgbà náà, ẹ pe fóònù ọ́fíìsì, [nọ́ńbà], láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ yòókù, a ó dá yín lóhùn kí Ọjọ́rú 11 tó parí. Ẹ ṣeun.”

Èyí sì ni ti ìgbà tí ẹnì kan bá lọ lífù tí ọ́fíìsì ṣì ń ṣiṣẹ́:

“Ẹ ǹlẹ́ o. N kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́ láti [ọjọ́] títí di [ọjọ́]. Ẹ pe fóònù ọ́fíìsì, [nọ́ńbà], ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ [owó / ọjà / ẹrù] ni. Bó bá lè dúró dè mí, n ó dá yín lóhùn ní [ọjọ́]. Ẹ ṣeun.”

A jiyàn díẹ̀ lórí ìkíni. Bọ̀dá ní ká yọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ lè yá. Mo kọ̀. Ìwé tí Yorùbá bá gbà láìsí ìkíni, ìjà ló máa rò pé wọ́n bá òun wá. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ti tó. “Ẹ kú ọdún” la mú, torí Mùsùlùmí gbà á, onígbàgbọ́ gbà á. Alhaja, tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ oníbàárà wa lọ, máa ń kọ “o ṣé” sí wọn. A sọ gbogbo rẹ̀ di “ẹ”. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ń dá lóhùn, ó lè jẹ́ baálé ilé.

Ọjọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. “Lẹ́yìn ọdún” kì í ṣe ọjọ́. Ní 2025, Ìléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì 6 oṣù kẹfà, Ojúde Ọba sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú 8, torí ọjọ́ kẹta Ìléyá ni wọ́n máa ń ṣe é. Ìjọba fún wa ní ọjọ́ Ajé 9. Lójú Alhaja, “lẹ́yìn ọdún” ni Ìṣẹ́gun. Lójú oníbàárà tí kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú, Sátidé ni. Ìléyá tiẹ̀ rọrùn, torí ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, bí wọ́n bá ti rí oṣù, èèyàn ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án láti kọ ìdáhùn rẹ̀. Ìtùnú Àwẹ̀ ló ń dààmú wa, alẹ́ tó ṣáájú ọdún la máa ń mọ̀. Fún ìyẹn, méjì la ń kọ sílẹ̀, ọ̀kan fún bí oṣù bá lé, ọ̀kan fún bí kò bá lé.

Nínú Gmail, ibi tí wọ́n kọ “Vacation responder” sí nínú Settings lẹ máa lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fi sí “Last day”, ó máa ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú pátápátá. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé 9 la fi síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọjọ́ tí ọ́fíìsì máa ṣí síbẹ̀, á jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa sọ fún oníbàárà pé kò sí nílé.

Ìṣòro kejì ò hàn sí wa àfi ìgbà tí ọkùnrin kan láti Ìpẹ̀rù bínú pè wá. Gmail kì í dá ẹnì kan náà lóhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọdún tó ṣáájú, ìdáhùn àkọ́kọ́ ò ní nọ́ńbà. Ó kọ̀wé padà pé ta ni kí òun pè, ohun tó gbà lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́. Bí nọ́ńbà ò bá sí nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, kò sí ìdáhùn kejì tó máa gbé e wá.

Ti Wọ́sáàpù, èyí tí oníṣòwò ń lò, a gé e kúrú: “Ẹ kú ọdún o. A ti tì di Ìṣẹ́gun 10, aago mẹ́jọ àárọ̀. Oúnjẹ adìẹ tán? Ẹ pe [nọ́ńbà].” Ṣùgbọ́n fóònù tó ń rán an gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí dátà sì wà lórí rẹ̀. Bí bátìrì bá kú ní Ojúde Ọba, ìdáhùn náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi í sórí ṣájà ní ọ́fíìsì, kó má bá yín ròde.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo mú fóònù ọmọ mi, tí ímeèlì rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa, mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Márùn-ún dáhùn bó ṣe yẹ. Ti ọ̀gá ṣì ń sọ pé ọjọ́ 19. Ó ti lẹ ọ̀rọ̀ tuntun náà mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ “Save Changes” tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.