PLC tàbí DCS: Ibi mélòó ni ẹ ó kọ ìwọ̀n kan sí?

Ẹ kú ìjókòó o. Ní Òṣogbo níbí, kò ṣòro láti pàdé ẹni tó mọ sìkádà, ètò tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó jìnnà, tí a sì fi ń darí wọn, torí ìlú yìí ni wọ́n ti ń darí àwọn wáyà iná ńlá ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe èyí tó fọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè. Abẹ́ òrùlé kan ló wà, epo jíjẹ tí kò tíì mọ́ ń gba ẹ̀yìn wọlé, epo tó ti mọ́ ń gba iwájú jáde, tọ̀sán-tòru. Ṣé PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, la ó fi darí irú rẹ̀ ni, àbí DCS, ètò kan ṣoṣo tó so ìdarí àti ojú kọ̀ǹpútà gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀?

Nígbà tí ọdún 1960 ń lọ sópin ni PLC jáde. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò ló béèrè fún un, kó lè rọ́pò àwọn rílée tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù: tan èyí, pa tọ̀hún. Ní 1975 ni Honeywell gbé TDC 2000 jáde, tí Yokogawa náà gbé CENTUM jáde. DCS nìyẹn, àwọn ilé ìfọpo àti ilé kẹ́míkà ni wọ́n sì ṣe é fún, níbi tí ooru kò ti gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí a fi í sí. Lónìí, PLC ń ṣe PID, ìṣirò tó ń mú ooru tàbí agbára sìtíìmù dúró síbi tí a fi í sí, dáadáa, DCS náà sì ń tan pọ́ọ̀ǹpù. Nítorí náà, n kò ní bá yín jiyàn lórí èwo ló lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Ní ilé-iṣẹ́ epo kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tiransímítà tó ń ka agbára sìtíìmù bọ́ílà kú. Èyí tó kú ń ka òdo sí báà 10. Èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ ń ka òdo sí báà 16, òun náà ni wọ́n fi sí i. Ẹnjiníà yí ìwọ̀n náà padà nínú PLC, ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ọ̀pẹréítọ̀ ń wò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí ìyẹn.

Báà 8 ni bọ́ílà wà. Ní báà 8, tiransímítà tuntun ń rán mílíáńpù 12, ìyẹn ìdajì ọ̀nà láàárín 4, tó dúró fún òdo, àti 20, tó dúró fún òpin ìwọ̀n. Ìdajì 16 ni 8. PLC mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ìdajì 10 ni 5. Ọ̀pẹréítọ̀ rí báà 5, ó rò pé sìtíìmù ti lọ sílẹ̀, ó gba lúùpù náà, ìyẹn ìdarí tó ń fúnra rẹ̀ ṣe iná bọ́ílà, sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fi iná kún iná. Nígbà tí fáàfù ààbò ṣí ní báà 10, tí sìtíìmù ń hó gbogbo àdúgbò, 6.25 ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Álámù tí wọ́n fi sí 9 kò dún. Pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà níbẹ̀, bọ́ílà ní láti dé báà 14.4 kó tó dún. Ọpẹ́lọpẹ́ fáàfù. Ọ̀pẹréítọ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tí a fi hàn án ló ṣiṣẹ́ lé lórí.

Nínú DCS, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó kọ ìwọ̀n yẹn. Ojú kọ̀ǹpútà, álámù, PID àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó ti kọjá, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń mú un. Bí ẹni tó pààrọ̀ tiransímítà kò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, DCS náà yóò ṣìnà, kò sí àní-àní. Ìdí nìyí tí géèjì tó wà lára bọ́ílà fi yẹ ní kíkà, kí á sì fi wé ojú kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí a bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa.

Ohun kejì ni àtúnṣe nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ibi tí a ti ń yọ òórùn kúrò nínú epo máa ń gbóná tó 240°C, afẹ́fẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bó bá wọlé bá epo gbígbóná, epo náà bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ PLC gbà kí á yí puroogíráàmù padà láìdúró, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi káàdì tuntun kún un, àwọn kan ní láti dúró ná. DCS ni a ṣe kó má dúró. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́: kí ẹ tó sanwó, kó fi lúùpù tuntun kan kún un níṣojú yín, kí àwọn yòókù máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, lúùpù 20 péré la ní, DCS sì wọ́n. Kí la ó ṣe?" Mo ní kí wọ́n ra PLC, ṣùgbọ́n kó jẹ́ irú èyí tí òun àti ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ jọ ń lo àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, torí ó ti wà lọ́jà báyìí. Bí lúùpù bá ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀kan ń ti èkejì, DCS ni kí wọ́n rà. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sì mú, kí ohun tó ń pa bọ́ílà nígbà ewu dá dúró lọ́tọ̀, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀.