Nígbà tí ẹrù bá ń ti mọ́tò: ibi tí agbára ń gbà lọ bí wínṣì bá ń sọ ẹrù kalẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ìgbà tí a bá ń sọ ríìngì sìmẹ́ńtì kalẹ̀ ni ọwọ́ máa ń bó. Ríìngì fúnra rẹ̀ ló fẹ́ máa lọ, àwa la ń dá a dúró, okùn sì ń gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá títí á fi gbóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò wínṣì.

Ẹ mú mọ́tò kan tí òòfà inú rẹ̀ ń yí nígbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń gbé ẹrù sókè, irin tó ń yí láàárín rẹ̀ á máa tẹ̀lé òòfà náà lẹ́yìn díẹ̀, bíi 1,460. Bí ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀, á ti irin yẹn kọjá òòfà, ó lè tó 1,535. Mọ́tò ti di jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Iná tó ń pèsè á padà sínú dráífù, àpótí tó ń darí ìyára rẹ̀. Àmọ́ dáyóòdù tó wà lẹ́nu ọ̀nà dráífù kì í jẹ́ kí iná padà sójú wáyà, nítorí náà inú kápásítọ̀ ló máa ń kó sí.

Wọ́n pè mí sí ibì kan tí wọ́n ti ń gé òkúta lẹ́yìn ìlú yìí. Wínṣì wọn ń gbé òkúta tọ́ọ̀nù 2 sókè dáadáa, ìkọ́ òfìfo náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá ti gbé òkúta kọ́ ọ, tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, dráífù á kọ `OV`, ìyẹn ni pé fóltì inú rẹ̀ ti ga jù, bíréèkì á sì gbá mọ́tò mú. Wọ́n ti fi kún àkókò tí dráífù fi ń dẹ̀rọ̀, láti ìṣẹ́jú-àáyá 3 dé 20. Ìyẹn wúlò fún fáànù ńlá, torí agbára tó wà lára fáànù máa ń tán bó bá dẹ̀rọ̀. Agbára òkúta kì í tán títí yóò fi dé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òkúta náà ń sọ̀ ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 3,270. Gíà àti mọ́tò máa ń jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà wáàtì 2,450 ló ń dé inú dráífù. Ká ní kápásítọ̀ ibẹ̀ jẹ́ máíkírófáràdì 1,000, tí fóltì rẹ̀ wà ní 587, torí iná 415 la fi ń bọ́ ọ. Kò ní pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé 800, tí dráífù á sì pa ara rẹ̀.

Iṣẹ́ resísítọ̀ ni láti gba agbára yẹn. Bí fóltì bá dé 750, tiransísítọ̀ kan á so resísítọ̀ mọ́ kápásítọ̀, á sì tú u bí fóltì bá wálẹ̀. Nígbà tí mo wọn tiwọn, óòmù 100 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n mítà fi hàn pé ó ti já. Wáàtì 500 ni, ara ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti tú u, níbi tó ti ń dá ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré. Òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 12 máa ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 72, kò sì sí ìsinmi fún resísítọ̀ láàárín. Ohun tó ń pa á gan-an nìyẹn.

Óòmù 100 kan náà ni mo fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè gba wáàtì 3,000 láìdáwọ́ dúró, nínú àpótí onírin tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Mo tún so súìṣì ooru mọ́ ọn tó ń já iná tó ń wọ inú dráífù. Ẹ má fojú kéré èyí: bí tiransísítọ̀ bá jó tó sì lẹ̀ pọ̀, resísítọ̀ á máa gba wáàtì 3,400 láìdá, dráífù ò sì lè tú u mọ́. Lẹ́yìn náà, mo pa ètò kan tó máa ń fi kún ìyára mọ́tò bí fóltì bá ga. Ó dára lára fáànù, àmọ́ lára wínṣì, òkúta ni yóò máa yára wálẹ̀.

Wọ́n béèrè bóyá kí wọ́n ra dráífù tó ń dá iná padà sójú wáyà, tí tiransísítọ̀ dípò dáyóòdù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní rárá. Ìsọ̀kalẹ̀ kan kò ju ìdá kan nínú ogún yúníìtì iná, 40 lóòjọ́ kò ju yúníìtì 2. Jẹnẹrétọ̀ dísù sì ni wọ́n ń lò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò jẹ iná tó padà náà, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa tì, tí ìyára rẹ̀ yóò sì máa ga. Ibi tí kirénì ńlá ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí iná ìjọba kì í lọ, ibẹ̀ ló ti bá a mu.

Ní ọjọ́ ìdánwò, a gbé òkúta tọ́ọ̀nù 2 dé òkè, a sì ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró ti mítà: 587, 690, 750, ó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 72. Àpótí resísítọ̀ gbóná débi pé a ò lè fọwọ́ kàn án, òkúta sì jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́.